Àtẹ̀jáde Lẹ́yìn Ìpàdé Ìbẹ̀rẹ̀ Sáà Kìíní: Ká Ka Píríọ́dù Ká Tó Pín Iṣẹ́

Àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà ní ilé-ìwé yìí pé jọ sí yàrá àwọn olùkọ́ ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, aago kan ọ̀sán sì ti kọjá kí a tó dìde. Ọ̀gá ilé-ìwé àti igbákejì wọn tó ń rí sí ẹ̀kọ́ bá wa jókòó títí dé òpin, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán, alága ní kí wọ́n ka àwọn iṣẹ́ tí a gbé fúnra wa nígbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mẹ́rin péré la ṣe. A wo márùn-ún yòókù dáadáa, a sì rí i pé "ìgbìmọ̀" tàbí "gbogbo olùkọ́" la kọ síwájú wọn, kò sí èyí tó ní orúkọ ẹnì kan. Nítorí náà, a fẹnu kò pé iṣẹ́ tí kò bá ní ẹnì kan tó máa dáhùn fún un àti ọjọ́ tó máa parí kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé wa mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló gba àkókò wa jù. Olùkọ́ ìṣirò mẹ́rin la ní títí di sáà tó kọjá. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, a ò sì tíì rí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Kíláàsì 18 la ní, mẹ́ta-mẹ́ta láti Júníọ̀ 1 dé Síníọ̀ 3, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣirò lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Píríọ́dù 90 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́rin, 22 tàbí 23 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ló máa gbé e, 30 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 40 tó wà lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé mẹ́fà nínú píríọ́dù mẹ́jọ ojúmọ́ ni wọ́n máa fi dúró níwájú pátákó, méjì tó kù ni wọ́n sì máa fi kọ nóòtì ẹ̀kọ́, tí wọ́n máa fi máàkì ìwé.

Àbá àkọ́kọ́ tó wá ni pé ká pa kíláàsì méjì pọ̀ nígbà ìṣirò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ ọ́, a sì kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìdí. Ọmọ 45 ló wà nínú kíláàsì kan. Bí 90 bá jókòó pọ̀, olùkọ́ ò lè rìn dé ẹ̀yìn wo ohun tí ọmọ kan ń ṣe nínú ìwé rẹ̀, inú ìwé yẹn gan-an ni àṣìṣe ìṣirò sì máa ń fara hàn. Ọmọ tó gbàgbé láti yí àmì padà nígbà tó gbé nọ́ńbà kọjá àmì ìdọ́gba máa ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, ó yé wa" pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ohun tí a fẹnu kò sí rèé. Gbogbo Júníọ̀ máa gba ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹrin dípò márùn-ún. Kò dùn mọ́ wa, sáà yìí nìkan la sì fọwọ́ sí i fún. Ó mú 90 wá sí 81. Olùkọ́ físíìsì wa, tó ní píríọ́dù 12 péré nítorí pé kíláàsì sáyẹ́ǹsì kan ló wà ní ìpele Síníọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbà láti kọ́ Júníọ̀ 1 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí mú kí tirẹ̀ di 24. Píríọ́dù 69 ló wá kù fún àwọn mẹ́ta yòókù, 23 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: kíláàsì Júníọ̀ méjì àti Síníọ̀ mẹ́ta.

Arákùnrin wa tó gbà á sọ ohun kan tí a ní láti kọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Ẹ̀yin àgbà, mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba píríọ́dù alápapọ̀ Síníọ̀ 3 lọ́wọ́ mi. Kí ọmọ tó so pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rọ̀, kó ka ìfì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lú okùn tó gùn jura lọ, kó sì ya gíráàfù, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ." Òótọ́ ni. Wáẹ́kì máa ń dán wọn wò nínú iṣẹ́ ọwọ́ físíìsì. Nítorí náà, píríọ́dù alápapọ̀ tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ inú táímù-tébù kí a tó kọ ohunkóhun mìíràn sí i.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ táímù-tébù fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó jáde, orúkọ olùkọ́ kan sì wà ní kíláàsì méjì nínú píríọ́dù kan náà. Odidi oṣù kan ni kíláàsì kan fi jókòó láìní olùkọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, pẹ́ńsùlù la máa fi kọ ọ́ sórí káàdíbọ́ọ̀dù ńlá, kíláàsì lápá òsì, píríọ́dù lókè. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ló máa tẹ̀ lé òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmì orúkọ tó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú òpó kan, ìforígbárí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ka ìlà kíláàsì kọ̀ọ̀kan bóyá ìṣirò pé mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ní ti ìdánwò àárín sáà, olùkọ́ ìṣirò kan tó ní kíláàsì márùn-ún máa ní ìwé 225 láti máàkì. Bó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mọ́kànlá lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú nìyẹn. Nítorí náà, a gbà pé kí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ṣe tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí èdè àti ìyókù ṣe tiwọn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí ìwé sì padà sọ́wọ́ ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Igbákejì ọ̀gá fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan; lẹ́yìn ìṣirò yìí, wọ́n gbà pẹ̀lú wa.

Ètò ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò yí padà.

Àwọn iṣẹ́ tí a pín:

Igbákejì ọ̀gá tó ń rí sí ẹ̀kọ́ máa parí táímù-tébù ní Ọjọ́ Àìkú. Olùkọ́ jọ́gíráfì máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí píríọ́dù àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kọ lẹ́tà láti béèrè fún olùkọ́ ìṣirò kẹrin, pẹ̀lú ìṣirò píríọ́dù tó wà lókè yìí nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí a kọ lọ́dún tó kọjá sọ pé "a nílò olùkọ́" láìsọ iye, a ò sì rí èsì. Kí ó tó di Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kìíní, kó gbé ẹ̀dà tí wọ́n ti lù ní òǹtẹ̀ pé wọ́n gbà á wá fún alága.

Ọ̀gá ilé-ìwé máa béèrè fún àgùnbánirọ̀ tó ka ìṣirò kí a tó tún pàdé. Bó bá dé, Júníọ̀ ni yóò kọ́. A ò ní fi Síníọ̀ 3 sọ́wọ́ ẹni tó lè parí ìsìnrú ìlú rẹ̀ kí ìdánwò tó dé.

Olórí ẹ̀ka ìṣirò máa mú àwọn orí ẹ̀kọ́ tí Júníọ̀ kò ní lè dé nítorí píríọ́dù tó dín kù wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí a lè mọ ohun tí sáà kejì máa gbé.

A ó tún pàdé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin, aago méjì ọ̀sán. Orí àwọn iṣẹ́ mẹ́rin yìí la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Alága àti Akọ̀wé ló fọwọ́ sí i.