Onígbáméjì: Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà Kì í Ṣe Ohun Àfojúbù

Àwọn baba wa kò ṣi àrùn kọ́lẹ́rà pè nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní onígbáméjì. Igbá kan kò tó fún ẹni tí ó bá mú: ọ̀kan fún èébì, èkejì fún ìgbẹ́ gbuuru. Orúkọ náà ti fi ohun tí àrùn náà fi ń pa ènìyàn hàn, nítorí pé gbígbẹ omi ara ni ó ń ṣe ikú pa. Nígbà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ náà kéde pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kú ni ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, tí omi ara wọn sì ti gbẹ tán. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nígbàkigbà tí àrùn yìí bá dé, a máa ń gbọ́ lórí rédíò pé kí a po iyọ̀ mọ́ ṣúgà. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n kò pé bí a kò bá sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ṣúgà kò wà níbẹ̀ fún adùn. Òun ni ó ń mú iyọ̀ wọ ara láti inú ìfun, omi a sì tẹ̀ lé iyọ̀ náà wọlé. Ní ọdún 1971, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn tí ogun lé kúrò ní Bangladẹ́ṣì, Dókítà Dilip Mahalanabis fi irú omi bẹ́ẹ̀ tọ́jú wọn ní ibùdó kan ní Íńdíà níbi tí omi ojú iṣan ti tán. Ikú tí ó ti ń mú bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn sì wálẹ̀ sí ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ tí ó dàbí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ní agogo méjì òru. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Kí ó mú omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí ó wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ike omi tí a kọ 50cl sí lára, kí ó lè pé lítà kan. Kí ó bu ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́jú, kì í ṣe kí ó ga gègèrè. Kí ó pò ó títí yóò fi yòrò, kí ó sì tọ́ ọ wò: bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, kí ó dà á nù, kí ó po òmíràn. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó fún ọmọ náà ní ìdajì ife tàbí ife kékeré kan. Bí ó bá bì í, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì máa fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Omi náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ.

Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní ìpalára ńlá, ṣúgà tí ó bá sì pọ̀ jù a tún mú ìgbẹ́ náà le sí i. Nítorí náà ni ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí a kọ ORS sí lára fi sàn jù, nítorí pé a ti wọ̀n ọ́n, ó sì ní àwọn èròjà tí iyọ̀ inú ilé kò ní. Omi ilé wà fún ìgbà tí ìyẹ̀fun kò bá sí nítòsí. Bí ìyá náà bá ti ń fún ọmọ mu, kí ó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé àrùn yìí lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ojú bá ti wọnú, tí ọmọ kò tọ̀ mọ́, tí ó ń tòògbé, tí kò sì lè mu, omi ojú iṣan nìkan ni ó kù.

Àjẹsára tí a ń mu lẹ́nu ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n kì í wo ẹni tí àrùn ti mú sàn, ó sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó múlẹ̀. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé, a dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì ní ibi tí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yìí lè dáàbò bo ènìyàn fún bí oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ẹni tí ó ti mu ún gbọ́dọ̀ máa se omi rẹ̀, kí ó sì máa fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò pọ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mú ṣíbí àti ike dání lọ sí ọjà, sọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n po omi náà lójú àwọn ènìyàn, kí ìyá kọ̀ọ̀kan sì pò ó lójú wọn. Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi tí a kò wọ̀n kì í ṣe oògùn.