Kí Atamátàsé Tó Tán Nílẹ̀

Nínú irúfẹ́ fántásì Prímíà Líìgì tí wọ́n ń pè ní Dráfítì, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni fi ń ra agbábọ́ọ̀lù, kò sì sí kápútéènì tó ń sọ póìntì di ìlọ́po méjì. Ṣe ni àwọn olùdíje ń yan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ẹnìkan bá sì ti mú ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á kàn to orúkọ gẹ́gẹ́ bí iye póìntì tí wọ́n fojú bù fún agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á sì máa mú u láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n wò ni iye tí agbábọ́ọ̀lù kan fi ju ẹni tí yóò ṣẹ́kù ní ipò rẹ̀ lọ.

Ká mú ìdíje ẹni mẹ́jọ. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní aṣọ́lé 2, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn 5, ti àárín 5 àti atamátàsé 3. Atamátàsé 24 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kíláàbù 20 péré ló wà ní líìgì náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi atamátàsé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ eré. Dandan ni kí àwọn kan fi ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì dí àyè. Àárín kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń sá lápá ọ̀tún àti òsì ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ ọn, wọ́n sì pọ̀.

Ká ní wọ́n fojú bu 230 fún ọ̀gá kan ní àárín, 210 fún atamátàsé kan. Bí ẹni àárín tó kù lẹ́yìn tí gbogbo wọn yan tán bá lè mú 110 wá, tí atamátàsé tó kù kò sì ju 60 lọ, èrè ẹni àárín jẹ́ 120, ti atamátàsé 150. Atamátàsé ló tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni àwọn tó mọ ìṣirò yìí ti ń ṣì í lò. Òfin ní kí wọ́n ní atamátàsé mẹ́ta, kò ní kí wọ́n lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹyọ kan tó láti wọ pápá. Bí olúkúlùkù bá ń lo méjì, 16 ni wọ́n nílò. Ẹni kẹtàdínlógún, tó lè mú 90 wá, ni òṣùwọ̀n tòótọ́, 150 á sì wálẹ̀ di 120. Ní àárín, bí wọ́n bá ń lo mẹ́rin mẹ́rin, ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n ni òṣùwọ̀n; bí ó bá lè mú 120 wá, èrè ọ̀gá àárín di 110. Atamátàsé ṣì wà níwájú, àmọ́ ìyàtọ̀ 30 ti di 10, èyí tí ìfarapa ọ̀sẹ̀ méjì lè jẹ tán.

Aṣọ́lé lè dúró di ìparí: 16 ni wọn yóò mú nínú 20 tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, póìntì wọn kì í sì í jìnnà síra.

Ohun kan ṣì kù. Ẹni tó bá yan ṣáájú ní ìpele kìíní ló ń yan kẹ́yìn ní ìkejì, nítorí náà orúkọ 14 ni yóò ti lọ kí ó tó tún kàn án. Bí atamátàsé tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́ bá ṣì lè wà nílẹ̀ nígbà náà, kí ó mú ẹni àárín. Bí kò bá lè wà, kí ó mú atamátàsé lójú ẹsẹ̀.