Ogójì Báàgì Omi: Lẹ́tà Ìgbọ̀wọ́ fún Eré Ìdárayá

Lẹ́nu àwọn àgbà, onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ó dúró fún ajigbèsè níwájú olówó, tí ó sì gbà pé òun ni kí wọ́n mú bí gbèsè náà kò bá jáde. Ṣùgbọ́n rédíò ti sọ ọ̀rọ̀ náà di orúkọ oníṣòwò tí ó san owó ètò kan kí wọ́n lè máa polówó ọjà rẹ̀ níbẹ̀. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó yẹ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọlọ́jà àdúgbò fi sọ́kàn, nítorí pé onígbọ̀wọ́ yàtọ̀ sí olùtọrẹ: olùtọrẹ ń fúnni nítorí àánú, onígbọ̀wọ́ sì ń ra nǹkan, bí ohun tí ó ń rà kò tilẹ̀ ju pé kí àwọn tí yóò wá ra ọjà rẹ̀ lọ́la rí orúkọ rẹ̀ lónìí.

Lẹ́tà irú èyí máa ń pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe eré ìdárayá ilé-sí-ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní intáháòsì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gba ìbúra, ó fagi lé owó ẹ̀kọ́ 3,000 náírà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìtura ni fún àwọn òbí, àmọ́ pápá eré kò tìtorí ìyẹn yé bèèrè kánópì àti omi.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà ni èyí tí ó kún ojú ìwé méjì, tí ó kí ọlọ́jà, tí ó ṣàdúrà fún un, tí ó wá parí sí “ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn”. Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ti ṣe ni ó gbé lé oníṣòwò lọ́wọ́, ẹni tí kò mọ iye akẹ́kọ̀ọ́, tí kò mọ ohun tí ó kù, tí yóò sì fa owó táṣẹ́rẹ́ yọ kí ẹni tí ó gbé lẹ́tà wá lè máa lọ. Bí ẹni tí ó ka lẹ́tà bá ní láti bèèrè pé, “Kí ni ẹ fẹ́ gan-an?”, lẹ́tà náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní 300 akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mu omi ọ̀rá méjì-méjì, tí ó sì ń retí 200 àlejò tí yóò mu ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá 800 ni yóò lò, bẹ́ẹ̀ 20 ọ̀rá ni ó wà nínú báàgì píọ̀ wọ́tà kan. Lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ olómi kò wá nílò ju èyí lọ:

“Ilé ẹ̀kọ́ wa ń tọrọ 40 báàgì omi fún eré ìdárayá tí yóò wáyé ní Ọjọ́rú kejì nínú oṣù Kẹta. Orúkọ ilé iṣẹ́ yín ni a ó kọ sára bánà ibi tí a ti ń pín omi, a kò sì ní kọ ti olómi mìíràn mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì kí oṣù Kejì tó parí.”

Iye báàgì ni wọ́n kọ, wọn kò kọ owó, ìdí rẹ̀ sì ni pé owó tí ó tó 40 báàgì ní oṣù Kìíní lè má tó o mọ́ ní oṣù Kẹta. Fún olómi fúnra rẹ̀, owó ìpèsè, ìyẹn iye tí ó ná an láti rọ omi sínú ọ̀rá, ni ó ń yọ̀ǹda, kì í ṣe iye tí ó ń tà á. Àǹfààní yìí kò sí fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí ó ń ra omi náà tà, nítorí náà kò yẹ kí irú lẹ́tà kan náà lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ọjọ́rú tí lẹ́tà náà mú pẹ̀lú ní ìdí. Ilé ẹ̀kọ́ tún ní láti tọrọ kánópì, òde àríyá sì ni kánópì ń lọ ní Sátidé, ẹni tí ó bá sì yọ̀ǹda mẹ́rin fún ilé ẹ̀kọ́ ti pàdánù owó tí ì bá gbà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí a lè pè ní èrè tí a yááfì. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á wà ní kíká sínú ṣọ́ọ̀bù, irin wọn á fara ti ògiri, ohun tí yóò sì ná oníkánópì kò ní ju epo ọkọ̀ àti owó àwọn ọmọkùnrin tí yóò nà wọ́n ró. Owó ọkọ̀ àwọn rẹfirí nìkan ni kò ṣeé fi ọjà dí, owó sì ni kí wọ́n tọrọ fún un, pẹ̀lú iye rẹ̀ ní kíkọ, sínú àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti olùkọ́ kankan.

Lẹ́yìn eré náà, ìwé kékeré kan ni ó yẹ kí ó padà sí ilé iṣẹ́ olómi: 40 báàgì dé, wọ́n lo 37, mẹ́ta ṣẹ́ kù sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, àwòrán bánà náà sì wà lẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òógùn ṣì wà lójú wọn, tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, tí ọ̀rá omi há sí eyín wọn.