Ipò Kìíní Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ọpọlọ

Bí sáà bá ti parí, ipò ọmọ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ wò nínú ìwé èsì. Ẹni tó ṣe ipò kìíní là ń pè ní olóye. Ẹni tó ṣe ipò kẹrìndínlógún, a ní kó lọ múra. Irọ́ gbuu ni. Ohun tí tíṣà ti kọ sójú pátákó ni ìdánwò ń béèrè. Ọmọ tó mọ ìṣirò ìdá ti kíláàsì kẹrin dáadáa, àti èyí tó ti ń ronú dé ti kíláàsì kẹfà, ọgọ́rùn-ún kan náà ni wọ́n máa gbà. Ẹlòmíràn sì wà tí iṣẹ́ ọ̀hún ti sú nítorí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: kò ní í parí rẹ̀, ariwo ni yóò máa pa, a ó sì pè é ní olódo.

Ìdánwò ọpọlọ gan-an ń ṣì í. Ní 1921, Lewis Terman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò ọpọlọ ṣa àwọn ọmọ olóye jọ ní Kalifóníà. Wọ́n yẹ William Shockley àti Luis Alvarez wò, wọ́n ní máàkì wọn kò tó. Àwọn méjèèjì ló padà gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ní 1956 àti 1968.

Báwo la ṣe máa wá mọ ọmọ tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Tíṣà á ní ọgọ́ta ọmọ ló wà níwájú òun, kò sì sí owó. Ṣọ́ọ̀kì tó! Susan Winebrenner, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀nà kan hàn: nínú ogún ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ fàlà sí márùn-ún tó le jù. Ẹnikẹ́ni tó bá wù lè fi márùn-ún yẹn bẹ̀rẹ̀; bó bá gba mẹ́rin, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìyókù. Gbogbo kíláàsì ni kí ẹ pè o, torí bó bá jẹ́ àwọn tó máa ń ṣe dáadáa nìkan, ipò náà la tún padà sí. Ọmọ tí èdè òyìnbó ń dí lọ́wọ́, ẹ ka ìbéèrè fún un ní Yorùbá, kó fẹnu dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń bà á jẹ́. Wọ́n á fún ọmọ tó gba mẹ́rin ní ogún ìbéèrè mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́, tàbí kí wọ́n ní kó máa kọ orúkọ aláriwo. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ìyà ló wà nínú kí èèyàn tètè parí iṣẹ́. Bí ọmọ tó máa ń yára bá ṣàdédé ń falẹ̀, ẹ yẹ iṣẹ́ tí ẹ ń fún un wò.

Ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni kí ẹ fún un. Láti orí 1 lọ, nọ́ńbà wo la lè rí bí a bá ro àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ léra pọ̀? 4 + 5 jẹ́ 9; 2 + 3 + 4 náà jẹ́ 9. 8 ńkọ́? Kò ṣeé ṣe. Ẹ ní kó wá àwọn mìíràn tó kọ̀. Bó bá kó 1, 2, 4, 8, 16 wá, ẹ bi í pé kí ló dé. Ìdí yẹn lè gbà á lọ́sẹ̀ kan, bébà kan péré ni yóò sì ná yín.

Ẹ má kàn lẹ orúkọ olóye mọ́ ọn. Ẹni tó gba mẹ́rin nínú ìdá lónìí lè má gba ẹyọ kan nínú ìwọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ orí ẹ̀kọ́ tuntun, ẹ tún kọ márùn-ún mìíràn sójú pátákó.