Bí ẹ bá jẹ tẹ́tẹ́ ní òdìkejì ààlà, èló ló máa kàn yín?

Ará Kpankú tó bá sọdá ààlà lọ ná ọjà ní Ìmẹ̀kọ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ, òfin Nàìjíríà ló máa mú owó náà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ìlànà kan ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé kí ilé tẹ́tẹ́ yọ owó-orí kó tó san èrè fún ẹni tó jẹ. Náírà 5 nínú 100 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, 15 nínú 100 lọ́wọ́ àjèjì.

Bí èrè bá jẹ́ 200,000 náírà, ará Ìmẹ̀kọ máa gba 190,000. Ará Kpankú máa gba 170,000, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń sọ èdè kan náà.

Owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ará Ìmẹ̀kọ kò tíì parí ọ̀rọ̀. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2026 ka èrè tẹ́tẹ́ mọ́ owó tó ń wọlé fúnni lọ́dún, ó sì dá 800,000 náírà àkọ́kọ́ sí. Ká ní owó-orí oníṣòwò kan fún ọdún náà jẹ́ 40,000. Tó bá ní ìwé ẹ̀rí pé ilé tẹ́tẹ́ ti yọ 10,000, 30,000 ló kù kó san. Bí kò bá sí ìwé, kí ló máa fi hàn wọ́n? Ẹ gba ìwé náà lójú ẹsẹ̀, kí ìsọ̀ náà má tíì kó lọ ibòmíràn.

Gánà fi hàn pé ọjọ́ ṣe pàtàkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 10 nínú 100 ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹni tó gbowó ní oṣù kẹta ọdún 2025 san án. Ẹni tó gbà á ní oṣù karùn-ún kò san nǹkan kan.

Ní ìlú ọba, ẹni tó jẹ kì í san owó-orí lórí èrè rẹ̀. Ilé tẹ́tẹ́ ló ń san. Amẹ́ríkà ló le jù. Gbogbo èrè ni wọ́n ń ka mọ́ owó tó wọlé, wọ́n sì ní kéèyàn máa kọ ọjọ́, irú tẹ́tẹ́, orúkọ ilé tẹ́tẹ́, iye tó jẹ àti iye tó pàdánù sílẹ̀. Láti ọdún 2026, 90 nínú 100 àdánù nìkan ni èèyàn lè yọ kúrò. Ẹni tó jẹ 10,000 dọ́là tó sì pàdánù 10,000 kò rí èrè kankan, síbẹ̀ òfin á ní ó jẹ 1,000. Ẹni tí kò kọ àdánù rẹ̀ sílẹ̀ lè san owó-orí lórí gbogbo 10,000.