Ìdínkù ni tàbí Ìsọ̀kalẹ̀? Èrò lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí kan nínú Ìṣirò Àkójọ

Bí a bá ní kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa wá ọ̀rọ̀-ìperí fún irú àgbékalẹ̀ tí ó máa ń sọ àkójọ agbára ńlá di àkójọ agbára kékeré, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni 'àgbékalẹ̀ ìdínkù'. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ní ibi gan-an tí ó yẹ kí ó ti là á lọ́yẹ̀. Nínú òǹkà Yorùbá, 'dín' ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹẹ́rìndínlógún ni ogún tí a yọ ẹẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ná ọjà rí ní Ọjà'ba mọ̀ pé ohun tí a bá dín, iye rẹ̀ ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àgbékalẹ̀ tí à ń wí yìí kò dín iye kankan kù. Agbára ni ó ń mú sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Bí a bá ṣe àkójọ cos⁴x láti 0 dé π/2, èsì rẹ̀ jẹ́ 3π/16, èyí tí ó tó 0.589. Bí a bá sọ agbára náà kalẹ̀ di cos²x, èsì di π/4, ó sì tó 0.785. Agbára sọ̀kalẹ̀, iye gòkè. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ ní 'ìdínkù' yóò sọ sí èyí? 'Àgbékalẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀' ni ó bá iṣẹ́ náà mu, ẹ jẹ́ kí á sì fi agbára sékántì wò ó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti fi ara hàn jù.

Kí a pe àkójọ secⁿx ní Jₙ. Ohun àkọ́kọ́ ni láti ya sec²x sọ́tọ̀ lára agbára náà, kí secⁿ⁻²x ṣẹ́kù, nítorí pé a ti mọ̀ pé tan x ni àkójọ sec²x. Lẹ́yìn èyí a ó lo òfin àkójọ alábala, a ó sì rí i pé:

Jₙ = secⁿ⁻²x tan x − (n−2) ∫ secⁿ⁻²x tan²x dx

Bí a bá fi sec²x − 1 dípò tan²x, àkójọ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yóò pín sí méjì:

Jₙ = secⁿ⁻²x tan x − (n−2)Jₙ + (n−2)Jₙ₋₂

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ju gègé sílẹ̀. Wọ́n rí Jₙ tí ó tún yọjú lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n sì rò pé àwọn kàn rìn yípo ni, bí ẹni tí ó kúrò ní Bẹẹrẹ, tí ó gba Béyẹrúńká, tí ó tún bá ara rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n Jₙ kò padà wá bí ó ṣe lọ. Gbèsè (n−2) ni ó gbé wá. Bí a bá kó gbèsè náà lọ sí ọwọ́ òsì, yóò kún Jₙ tí ó wà níbẹ̀, yóò sì di (n−1)Jₙ. Bí ó bá jẹ́ pé Jₙ kan ṣoṣo péré ni ó padà, láìsí àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀, nígbà náà ni ìrìn náà ìbá já sí asán, nítorí pé ọ̀tún àti òsì yóò pa ara wọn rẹ́. Níkẹyìn:

Jₙ = [secⁿ⁻²x tan x + (n−2)Jₙ₋₂] / (n−1)

Ẹni tí ó ń lo àgbékalẹ̀ yìí dà bí ẹni tí ó ń bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Mápó, tí ó ń fo àtẹ̀gùn kan, tí ó ń tẹ èkejì. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bà sí. Bí n bá jẹ́ èyí tí a lè pín sí méjì dọ́gba, yóò dé 2. Níbẹ̀, n−2 di òdo, tan x nìkan ni ó ṣẹ́kù, ìrìn parí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí n bá ṣẹ́ku ọ̀kan, yóò dé 1, àgbékalẹ̀ náà yóò sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé n−1 di òdo, a kò sì lè fi òdo pín nǹkan. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ J₁ láti ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà 'ìdínkù' kò fi ibi ìdúró yìí hàn rárá. 'Ìsọ̀kalẹ̀' fi í hàn, nítorí pé kò sí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ tí kì í bèèrè ibi tí ilẹ̀ wà.

J₁ yìí kì í ṣe ohun tí aráyé rí ní ọjọ́ kan. Nígbà tí Mercator gbé àwòrán ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1569, kò sí ẹni tí ó ní ìṣirò tí yóò sọ bí a ó ṣe fẹ àlàfo àárín àwọn ìlà náà bí a ti ń kúrò ní agbedeméjì ayé. Ní ọdún 1599, Edward Wright ro sékántì díẹ̀díẹ̀ pọ̀ títí ó fi ní tábìlì. Àkójọ sec x gan-an ni ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kò tíì sí. Ní nǹkan bí ọdún 1645, Henry Bond ṣàkíyèsí pé tábìlì náà jọ ti lọ́gárídímù tánjẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ìfura lásán ni. Ọdún 1668 ni James Gregory tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èsì náà ni ln|sec x + tan x|. Ìbàdàn, tí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.38 sí àríwá, bọ́ sí nǹkan bí 7.40 lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wà ní 51.5, sún lọ sí nǹkan bí 60.3.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀kalẹ̀ láti J₅. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ fún wa ní ¼ sec³x tan x + ¾J₃. Ìṣísẹ̀ kejì sọ J₃ di ½ sec x tan x + ½J₁. Àkópọ̀ wọn ni:

J₅ = ¼ sec³x tan x + ⅜ sec x tan x + ⅜ ln|sec x + tan x|

Láti 0 dé π/4, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 0.707, 0.530 àti 0.331, àròpọ̀ wọn jẹ́ 1.568. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé láti fi ¾ sọ gbogbo J₃ di púpọ̀, kí ó kàn fi J₃ lé e lórí. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rí 1.855, iye tí kò burú lójú, tí olùkọ́ tí ó ń kánjú lè má fura sí. Ohun tí yóò tú u fó ni kí a wá ìwọ̀n ìyípadà èsì náà: bí kò bá padà di sec⁵x, àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó gba àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í parọ́.

Ọ̀rọ̀ kan náà tó fún àwọn mọ̀lẹ́bí sékántì. Fún tánjẹ́ǹtì, Tₙ = tanⁿ⁻¹x/(n−1) − Tₙ₋₂; àmì ń yí padà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí à ń bà sí sì ni T₁ = ln|sec x| tàbí T₀ = x. Àwọn kan lè fẹ́ kí a pè é ní 'ìsọ̀kalẹ̀ méjì-méjì' láti fi ìfò náà hàn. Èyí kò ní bójú mu, nítorí pé àkójọ xⁿe⁻ˣ, tí a ń pè ní Eₙ níhìn-ín, ní àgbékalẹ̀ tirẹ̀, Eₙ = −xⁿe⁻ˣ + nEₙ₋₁, òun sì ń sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, láìfo àtẹ̀gùn kankan, títí yóò fi dé E₀.