Ẹ yé béèrè pé "Ìgbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?"

1. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe ìpàdé lórí Wásáàpù, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn 12 ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn 12 lẹ máa gbà.

2. Ẹ ṣí ìbò: Sátidé aago 4 ìrọ̀lẹ́, Sọ́ńdè aago 5 ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè aago 8 alẹ́, "Kò sí èyí tí mo lè wá." Kí kálukú mú gbogbo èyí tó bá ṣeé ṣe fún un.

3. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "Ìbò parí ní Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́. Ẹni tí kò bá dìbò ti fara mọ́ èyí tó bá wọlé."

4. Tí aago 9 bá lù, ẹ kéde. Ẹ má dúró de ẹnì kan jàre. Ẹni tó tètè dìbò ṣì fi àwọn àkókò yẹn sílẹ̀ dè yín. Kò lè fún ẹlòmíì.